Èló Ló Kù Nínú Gbèsè Wa? Bí Owó Tí À Ń San fún Báǹkì Ṣe Ń Pín sí Èlé àti Ojú Owó

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa sọ nínú oṣù Ògún. A gbé e síbí fún ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ kò ráyè wá, nílé àti lẹ́yìn odi.)

 

Ẹ̀bẹ̀ ni màá kọ́kọ́ bẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Wáàsáàpù wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mọ́mì Akápò gbé ìròyìn owó oṣù mẹ́fà síta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ₦680,829.12 la ti san padà fún báǹkì, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé gbèsè tó kù jẹ́ ₦635,602.83. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Mo ní: mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún la yá, a ti san ₦680,829.12, nítorí náà ₦519,170.88 ló yẹ kó kù. Mo wá kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ₦116,431.95 wà?"

Ẹ rántí ohun tó tẹ̀lé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn kan ti ń pe ìyá àgbà kan ní olè. Ẹnìkan ní kí wọ́n kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ẹnìkan láti òkè òkun ní òun ò ní san owó ẹgbẹ́ mọ́. Mọ́mì ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fi àwòrán sítétímẹ́ǹtì báǹkì síbẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ ìṣirò owó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo wà ní ọdún kẹta. Wọ́n ti kọ́ mi ní nǹkan yìí, mo sì ti jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ti ilé wa, mo gbàgbé gbogbo ẹ̀, mo kàn yọ owó kúrò nínú owó bí ẹni tó ń ra gaàrí. Mọ́mì, níwájú gbogbo ìlú ni mo ti ṣẹ̀ yín, níwájú gbogbo ìlú náà ni mo sì ti ń bẹ̀ yín. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. ₦116,431.95 yẹn, èlé ni, mo sì fẹ́ fi hàn yín bó ṣe jẹ́, oṣù kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà tún ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, báǹkì yá wa ní ₦1,200,000 láti fi ra àga àti kánópì tí à ń yá àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Àdéhùn wa nìyí: oṣù 12, èlé ìdá 24 nínú 100 lọ́dún, tó túmọ̀ sí ìdá 2 nínú 100 lóṣù, lórí gbèsè tó bá kù. Ẹ fi ojú sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, "lórí gbèsè tó bá kù." Màá padà sí i. Báǹkì wá ní iye kan náà la ó máa san lóṣooṣù: ₦113,471.52.

Níbí ni ojú ti ń tàn wá. Nítorí pé iye kan náà ló ń jáde lóṣooṣù, àláàtì kan náà ló ń dún lórí fóònù, a rò pé nǹkan kan náà ló ń ṣe. Rárá o. Nǹkan méjì ló wà nínú owó yẹn. Ọ̀kan ni èlé, ìyẹn owó tí báǹkì jẹ lórí wa. Èkejì ni ojú owó, ìyẹn apá kan nínú owó tí a yá gan-an tí a ń dá padà. Ojú owó nìkan ló ń dín gbèsè kù. Èlé kì í dín gbèsè kù rárá, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Bàbá kan bi mí lánàá pé, "Ọmọ mi, báwo ni iye kan náà ṣe máa pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lóṣooṣù?" Mo ní, bàbá, ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé yàrá 12 lẹ gbà lọ́wọ́ onílé. Lóṣooṣù ẹ ń san owó ilé lórí yàrá tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ń dá yàrá díẹ̀ padà fún un. Oṣù àkọ́kọ́, gbogbo yàrá wà lọ́wọ́ yín, owó ilé pọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń dá yàrá padà ni owó ilé ń relẹ̀. Èlé ni owó ilé tí à ń san fún owó tó wà lọ́wọ́ wa. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní onílé tàwọn kì í gba yàrá padà, gbogbo ilé ló ń lé èèyàn kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó yé àwọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe oṣù àkọ́kọ́ pọ̀. Gbèsè tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦24,000. Ìyẹn ni èlé. A san ₦113,471.52. Ẹ yọ ₦24,000 kúrò níbẹ̀, ó ku ₦89,471.52. Ìyẹn ni ojú owó. Ẹ wá fi ìyẹn yọ nínú gbèsè: ₦1,200,000 dín ₦89,471.52 jẹ́ ₦1,110,528.48. Gbèsè tó kù nìyẹn lẹ́yìn àkọ́kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsirò mẹ́ta péré ni: ìdá 2 ti ohun tó kù, yọ ọ́ nínú ohun tí a san, fi èyí tó ṣẹ́kù dín gbèsè kù.

Oṣù kejì, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ₦1,200,000 mọ́ o. Láti ₦1,110,528.48 ni. Ìdá 2 rẹ̀ jẹ́ ₦22,210.57. Ẹ rí i pé èlé ti lọ sílẹ̀ ní bíi ₦1,800, ojú owó sì ti gòkè ní iye kan náà. Báyìí ló ṣe ń lọ títí dé oṣù kẹfà:

Oṣù 1: èlé 24,000.00, ojú owó 89,471.52, gbèsè tó kù 1,110,528.48
Oṣù 2: èlé 22,210.57, ojú owó 91,260.95, gbèsè tó kù 1,019,267.53
Oṣù 3: èlé 20,385.35, ojú owó 93,086.17, gbèsè tó kù 926,181.36
Oṣù 4: èlé 18,523.63, ojú owó 94,947.89, gbèsè tó kù 831,233.47
Oṣù 5: èlé 16,624.67; ojú owó 96,846.85, gbèsè tó kù 734,386.62
Oṣù 6: èlé 14,687.73, ojú owó 98,783.79, gbèsè tó kù 635,602.83

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn. ₦635,602.83, bí Mọ́mì ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ wá ṣírò gbogbo èlé oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. ₦116,431.95 ló máa fún yín. Owó tí mo pariwo pé ó sọnù nìyẹn.

Tábìlì yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀:

```
=PMT(2%,12,-1200000)
=IPMT(2%,7,12,-1200000)
=PPMT(2%,7,12,-1200000)
```

Èyí àkọ́kọ́ máa fún yín ní iye tí à ń san lóṣooṣù. Èkejì jẹ́ èlé oṣù keje, ẹ̀kẹta jẹ́ ojú owó oṣù keje. Bí ẹ bá fẹ́ oṣù mìíràn, ẹ yí 7 yẹn padà. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 1200000, ẹ má fi í sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdáhùn máa jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ìlú wa kan lókè òkun ń gbèrò láti dá owó jọ kí wọ́n fi pa gbèsè yìí rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́run á bù sí àpò yín o. Wọ́n béèrè èló ló kù, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì rí gbà lórí Wáàsáàpù. Àwọn kan sọ ti èmi, ₦519,170.88. Àwọn kan ní oṣù mẹ́fà ló kù, nítorí náà ẹ fi mẹ́fà sọ ₦113,471.52 di púpọ̀, ₦680,829.12. Mọ́mì nìkan ló sọ ₦635,602.83.

Ti èmi kò tọ̀nà nítorí mo ka èlé mọ́ ojú owó. Àwọn tó sọ ₦680,829.12 náà kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ sì dára láti mọ̀. Iye yẹn ní èlé oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ nínú, èlé oṣù tí a kò tíì lò. Bí a bá dá gbogbo yàrá padà lónìí, owó ilé oṣù tó ń bọ̀ kò kàn wá mọ́. Nítorí náà bó bá jẹ́ ọjọ́ tí a san ti oṣù kẹfà la pa gbèsè náà rẹ́, ₦635,602.83 la ó san, a ó sì gba ara wa lọ́wọ́ èlé tó lé ní ₦45,000. Àwọn báǹkì kan máa ń gba owó ìjìyà lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ránṣẹ́, kí akọ̀wé kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n sọ iye tó máa parí gbèsè náà ní ọjọ́ pàtó kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ orí káńtà kò tó.

Mo ṣèlérí pé màá padà sí gbólóhùn "lórí gbèsè tó bá kù." Òun ni gbogbo ìyàtọ̀. Owó kan wà tí àwọn ìyá wa ní ọjà mọ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà. Ọ̀pọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀, lórí iye tí wọ́n kọ́kọ́ yá yín ni wọ́n ti ń ṣírò èlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ẹ kò tíì dá kọ́bọ̀ padà. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ la gbà, ìdá 2 nínú 100 náà ló máa wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ₦24,000 ni èlé máa jẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní, ₦24,000 ní oṣù kejì, ₦24,000 títí dé oṣù kejìlá. Èlé gbogbo rẹ̀ á di ₦288,000. Tiwa yìí, bí a bá sanwó déédéé dé òpin, ₦161,658.19 ni. Iye kan náà lórí ìwé, ìdá 2, ìdá 2, ṣùgbọ́n ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Bí ẹ bá ní kí Excel bá yín wá ohun tí ìdá 2 irú èyí jẹ́ ní òótọ́, ó máa sọ fún yín pé ó sún mọ́ 3 àti ààbọ̀ nínú 100 lóṣù.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀ kò le. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí báǹkì fún yín ní àtẹ bí ẹ ó ṣe máa sanwó, èyí tó ya èlé sọ́tọ̀, tó ya ojú owó sọ́tọ̀. Ẹ wo èlé oṣù kìn-ín-ní, ẹ wo ti oṣù kejì. Bí méjèèjì bá jẹ́ iye kan náà, ẹ ti mọ irú owó tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín. Bí wọn kò bá fún yín ní àtẹ rárá, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló kàn. Mọ́mì ò jalè, ṣùgbọ́n ìròyìn tí a máa ń kọ, láti ayé àwọn bàbá wa, ó ní ibi tó ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó wá síbí, àwọn náà gbà kí n sọ ọ́.

Nínú ìròyìn yẹn, a kọ ₦1,200,000 sí abẹ́ owó tó wọlé, a sì kọ ₦680,829.12 sí abẹ́ ìnáwó. Bó bá jẹ́ pé a kàn fẹ́ mọ iye tó wọ àpótí àti iye tó jáde, kò burú. Ó bá ohun tó wà ní báǹkì mu, ₦107,170.88. Àmọ́ a wá pe ₦107,170.88 yẹn ní èrè oṣù mẹ́fà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Owó tí a yá kì í ṣe owó tó wọlé fún wa, torí a máa dá a padà. Bákan náà, ojú owó tí a dá padà kì í ṣe ìnáwó, torí bí owó ṣe ń kúrò lápò wa ni gbèsè ń kúrò lọ́rùn wa, iye kan náà. Èlé nìkan ni ìnáwó níbẹ̀. Òun nìkan ló lọ tí kò bọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí owó wọlé, bí ó ṣe yẹ ká kọ ọ́ nìyí: dẹ́bíìtì àkáǹtì báǹkì, kírẹ́díìtì àkáǹtì ẹ̀yáwó, ₦1,200,000. Ọwọ́ òsì ni dẹ́bíìtì, ọwọ́ ọ̀tún ni kírẹ́díìtì, kò sí idán níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí a san ti oṣù àkọ́kọ́, ìlà mẹ́ta ló máa jẹ́ dípò ẹyọ kan: dẹ́bíìtì ẹ̀yáwó ₦89,471.52, dẹ́bíìtì èlé ₦24,000, kírẹ́díìtì báǹkì ₦113,471.52. Bí a bá ń ṣe é báyìí lóṣooṣù, àkáǹtì ẹ̀yáwó nínú ìwé wa àti gbèsè tí báǹkì ń kọ sínú sítétímẹ́ǹtì máa bára mu ní ìparí oṣù. Bí wọn ò bá bára mu, a mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. A ò ní dúró dìgbà tí ọmọ kékeré bí èmi máa wá pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti oṣù mẹ́fà wa ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí. Owó ẹgbẹ́ àti owó àga tí a yá àwọn èèyàn, ₦950,000 ló wọlé. Ìnáwó ojoojúmọ́ jẹ́ ₦200,000. Owó ìwé tí báǹkì gbà jẹ́ ₦12,000. Èlé jẹ́ ₦116,431.95. Ẹ yọ wọ́n, ó ku ₦621,568.05. Kì í ṣe ₦107,170.88 o! Ẹ sì lè gba ọ̀nà kejì dé ibẹ̀: àga àti kánópì tí a rà jẹ́ ₦1,150,000, owó tó wà ní báǹkì jẹ́ ₦107,170.88, àpapọ̀ ohun tí a ní jẹ́ ₦1,257,170.88. Ẹ yọ gbèsè ₦635,602.83 kúrò níbẹ̀, ₦621,568.05 náà ló máa fún yín. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀nà méjèèjì pàdé títí dé kọ́bọ̀ ni ara mi tó balẹ̀. Lóòótọ́ àga máa ń gbó, kánópì máa ń ya, a ṣì máa yọ iye díẹ̀ fún ìyẹn lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Owó ìwé ₦12,000 tí mo dárúkọ yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un. Báǹkì yọ ọ́ kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, nítorí náà àláàtì tó wọlé jẹ́ ₦1,188,000. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ti fẹ́ kọ ọ́ pé ₦1,188,000 la yá. Gbèsè wa ṣì jẹ́ ₦1,200,000, orí rẹ̀ sì ni èlé ti bẹ̀rẹ̀. ₦12,000 yẹn, ìnáwó ni, ìlà tirẹ̀ ló yẹ kó ní.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì wà níbí, wọ́n á ní tábìlì mi rọrùn jù. Òótọ́ ni. Ti báǹkì wa yìí, oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò, nítorí náà ó bára mu. Báǹkì mìíràn máa ń ka ọjọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ni, èlé oṣù kejì ọdún tó ní ọjọ́ 28 máa jẹ́ ₦22,093.15 dípò ₦24,000, oṣù tó bá ní ọjọ́ 31 máa ju ti tábìlì lọ díẹ̀. Irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò kì í ṣe jìbìtì. Èyí tó yẹ kó lé oorun lójú yín ni bí gbèsè inú sítétímẹ́ǹtì bá ń ju ti tábìlì lọ lóṣooṣù, tí àlàfo náà sì ń fẹ̀ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé owó ìjìyà tàbí owó tí a san lábọ̀ ló fà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́. Ká sọ pé ₦60,000 péré la rí san ní oṣù keje. Báǹkì á kọ́kọ́ mú èlé rẹ̀, ₦12,712.06, kó tó fi ìyókù kan gbèsè. ₦47,287.94 nìkan ló máa dín kù. Ká má tíì wá sọ ti owó ìjìyà. Gbèsè máa wà ní ₦588,314.89 nígbà tó yẹ kó ti dé ₦534,843.37, èlé oṣù kẹjọ á sì ju ti tábìlì lọ. Láti ọjọ́ náà, tábìlì tí a tẹ̀ sórí ìwé ti kú nìyẹn, a gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn. Ẹni tó bá ṣì ń tẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀ á máa kọ irọ́ láìmọ̀.

Mo ti bá Mọ́mì Akápò àti akọ̀wé owó sọ ọ́, a sì ti gbà pé láti ìsinsìnyí lọ, ìlà mẹ́ta ni owó báǹkì máa jẹ́ nínú ìròyìn: èlé, ojú owó, gbèsè tó kù, pẹ̀lú àwòrán sítétímẹ́ǹtì nísàlẹ̀. Èmi ni màá máa tẹ̀ ẹ́, àwọn ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ìròyìn oṣù mẹ́fà tó jáde tẹ́lẹ̀, a ti tún un kọ, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ọjọ́ 31 oṣù yìí la máa san ti ẹ̀ẹ̀keje. Àláàtì ₦113,471.52 máa dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ojú owó máa jẹ́ ₦100,759.46, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọjá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Gbèsè tó yẹ ká bá nínú sítétímẹ́ǹtì lẹ́yìn náà ni ₦534,843.37. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá bára mu, ẹ pè mí, kí ẹ má kọ́kọ́ pe Mọ́mì.